Aago Méjì fún Ọmọ Tó Ń Pọnmi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ṣẹ̀fíátù, ọrùn rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Kò sí góòlù níbẹ̀, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, tó fi okùn aláwọ̀ ewé so, tó ń jó lórí àyà rẹ̀ bó ṣe ń rìn láti Òkè-Adán lọ sí ilé-ìwé gírámà tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Bó bá fẹ́ kírun, á tì í sẹ́yìn. Bó bá sùn, ọkọ rẹ̀, Mùrí aránṣọ, ni í máa pariwo pé irin gún òun níhà.

“Ìyá Hàbíbá, ṣé èmi lo fẹ́ ni àbí kọ́kọ́rọ́?”

Ṣẹ̀fíátù á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà ni. Ní ọdún 1984 ni Àmúdà, ọmọ tó ti jáde nílé-ìwé náà tó sì dèrò ìlú òyìnbó, fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sílé, pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ tó nípọn bíi bíríkì. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lọ́fíìsì fún oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè tàn án. Àwọn ọkùnrin tíṣà wò ó títí, wọ́n ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní tákàdá ni. Ṣẹ̀fíátù ló mú ìwé rẹ̀ lọ sílé, tó kà á láti orí dé ìdí, tó so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣàn, tó sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì tọ́jú ohun tó bá kọ sínú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, Bàbá Fáṣínà, fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ ní gbangba. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Kọ̀ǹpútà ní gbogbo Ìwó, débi pé bó bá lọ ra iṣu, àwọn tó ń tà á á ní, “Ẹ bá wa fi ẹ̀rọ ṣírò ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju ẹran lọ.

Òun náà ló ṣe eré orí tẹlifíṣàn tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìṣirò. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó ru ìkòkò omi, ó ń bọ̀ láti odò Ọbà. Ewúrẹ́ ń kọjá lójú ọ̀nà, ó sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, ìṣirò á jáde. Bó o bá mọ̀ ọ́n, wàá gba ọ̀nà tó kúrú. Lókè pátápátá, oòrùn ń rìn láti ọ̀tún lọ sí òsì. Bí oòrùn bá wọ̀ kí omi tó délé, ó parí. Orin sì wà nídìí rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ló kọ́ ẹ̀rọ ní orin náà, ohùn kan bíi fèrè tó ń lọ gbọọrọ lábẹ́, tí àwọn ohùn kéékèèké ń jó lórí rẹ̀. Ó fi oṣù méje ṣe é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọmọ tó bí.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí di ọdún 1987, nígbà tí ìjọba gbé Bọ́sẹ̀ wá.

Àgùnbánirọ̀ ni Bọ́sẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti ṣe kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, kì í ṣe irú kékeré yìí, èyí tó tóbi tó kún odindi yàrá ni. Ó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn, ó ń rẹ́rìn-ín, kì í bínú. Ẹ gbọ́, bó bá jẹ́ pé ọmọ náà nígbèéraga ni, ì bá dára. Ẹni tó nígbèéraga, èèyàn á rí ohun tó máa bá a jà lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè ọ́ ní “ẹ̀gbọ́n mi”, tó ń bá ọ gbé báàgì, tó sì mọ iṣẹ́ ẹ jù ọ́ lọ, kí lo fẹ́ ṣe fún un? Láàárín oṣù kan, àwọn ọmọ kì í pe Ṣẹ̀fíátù mọ́ bí ẹ̀rọ bá kọ̀. “Ẹ jẹ́ ká pe Kọ́pà,” ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ náà ń gún Ṣẹ̀fíátù nínú bí egungun ẹja. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ní oṣù náà, búláòsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ sí i lọ́rùn, Mùrí sì fún un wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Wàhálà tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan. Bàbá Fáṣínà wọ yàrá kọ̀ǹpútà wọlé lójijì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí àgbà bá wọlé, ọmọ á dìde, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Gbogbo ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀, àfi Àbẹ̀ní, ọmọ kíláàsì kẹta tó ń ṣe eré náà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣàn, ó ní, “Ẹ káàsán o, sà,” láìgbé ìdí lórí àga.

Bàbá Fáṣínà dúró bí igi.

“Ìwọ, kí ló wà nídìí àga yẹn? Àtè ni?”

Ẹkún gbé Àbẹ̀ní. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bí mo bá kúnlẹ̀, oòrùn á wọ̀. Lánàá tí ẹ wọlé, mo kúnlẹ̀, ìgbà tí mo fi máa dìde, ewúrẹ́ ti kàn mí, omi ti dànù. Mo sì ti fẹ́ délé, sà.”

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ tiwọn. Ọ̀kan ní ìgbà tí òun lọ kírun àlàásárì, oòrùn wọ̀ kí òun tó dé. Bàbá Fáṣínà yíjú sí Ṣẹ̀fíátù.

“Ìyá Hàbíbá, ẹ̀rọ yìí ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ìṣirò, ó sì ń gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ àwọn òbí ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ìmáàmù ń bọ̀, àwọn baálé ń bọ̀. Ṣé iwájú wọn ni ọmọ ó ti jókòó kí àgbà? N óò ti yàrá yìí pa ni.”

Kí Ṣẹ̀fíátù tó la ẹnu, Bọ́sẹ̀ ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. “Ẹ má bínú, sà. A lè dá eré náà dúró. Ọmọ á tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gbogbo nǹkan á dúró síbi tó wà: oòrùn, ewúrẹ́, orin. Méńù á wá jáde, irú èyí tí wọ́n ń gbé fún èèyàn nílé oúnjẹ kó yan ohun tó fẹ́. ‘Tẹ̀síwájú.’ ‘Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.’ ‘Pa orin.’ Ọmọ á lọ kúnlẹ̀, á lọ kírun, á padà wá, á bá eré rẹ̀ níbi tó fi í sí.”

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nínú yàrá Ṣẹ̀fíátù, lórí eré Ṣẹ̀fíátù!

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá Fáṣínà wí. “Kọ́pà, ṣe é.”

“Rárá o, sà!” Ohùn Ṣẹ̀fíátù ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. “Èmi ni mo bí ọmọ, èmi ni n óò wẹ̀ ẹ́.”

Bàbá Fáṣínà wo èkínní, ó wo èkejì. Ọkùnrin tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìdíje jù. Ó ní kí àwọn méjèèjì ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Ṣẹ̀fíátù láàárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, Bọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde. Èyí tí tirẹ̀ bá ṣiṣẹ́ jù níwájú àwọn òbí, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà. Ó ní òun ti ń ronú láti bá Bọ́sẹ̀ wá iṣẹ́ síbẹ̀ bó bá sin ìlú tán. Ọwọ́ Ṣẹ̀fíátù lọ sọ́rùn láìmọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ yàrá náà pẹ̀lú ìbínú. Kí ló wà nínú dídá nǹkan dúró? Ó kọ ìlà mẹ́ta péré: bí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì, kí ètò dúró gbọin, kó máa retí kó tún un tẹ̀. Ó dán an wò. Ọmọbìnrin dúró, ewúrẹ́ dúró. Ṣẹ̀fíátù ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá gbọ́ pé fèrè ò dúró. Fèrè ń han gbọọrọ, wíìì, bí ẹni pé wọn ò bá a wí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rántí: ẹ̀rọ náà ní ibi tó ń kó ohùn sí, bí o bá ti ní kó fọn, á máa fọn ní tirẹ̀, ètò ì báà sùn. Ó ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà sójú-ewé ohùn, ó rí àṣẹ tí í gbá gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀ dànù, ó kọ ọ́ sí i. Fèrè dákẹ́. Nígbà tó wá tún bọ́tìnnì tẹ̀ kí eré máa lọ, oòrùn fò fìrì láti àárín ọ̀run, ó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Kí lèyí?”

Aago inú ẹ̀rọ ni. Eré dúró, aago ò dúró. Gbogbo ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dúró ni aago ń kà, bí eré ṣe wá jí, ó ka gbogbo rẹ̀ sí oòrùn lọ́rùn. Ó pa ẹ̀rọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ kọ́ kíláàsì kejì ní ìṣirò ìdá. Ṣe ni àwọn ọmọ náà ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ oòrùn lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe ń jáde lọ́sàn-án ni Bọ́sẹ̀ ń wọlé. “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìwé ìtọ́sọ́nà ńkọ́? Ẹ̀rọ tí mo kọ́ níléèwé, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń ṣe ohùn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa orin tibí.”

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣẹ̀fíátù wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé kò mọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tí Ṣẹ̀fíátù mọ̀ tí ọmọ yunifásítì ò mọ̀ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú náà sì korò. Ó ní, “Dúró, kí n bá ọ mú un.” Ó wọlé, ó yẹ ìwé náà wò, ó ti gbó, ojú-ewé rẹ̀ ti ń já. Ojú-ewé ohùn ò tilẹ̀ fẹ́ agbára. Ó fà á díẹ̀, ó tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó jù ú sínú báàgì láàárín hàńkáṣífù àti tẹ̀sùbáà, ó sì gbé ìyókù ìwé fún Bọ́sẹ̀.

“Ẹ ṣé gan-an, mà.”

“Kò tọ́pẹ́.” Ní tòótọ́, kò tọ́pẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ló tún fi jà. Ó ronú pé bó bá jẹ́ pé aago ló ń ṣe é, aago náà ni kí òun mú so. Nítorí náà, bí eré bá ti dúró, ètò á máa dá aago ẹ̀rọ padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, lásìkò gbogbo, kó má lè ka nǹkan kan. Ó sì ṣe méńù tirẹ̀ lẹ́wà: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ ara wọn, odídẹrẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọmọ fẹ́ yàn, tó ń ju ìyẹ́. Ta ni ọmọ Ìwó tí kò ní fẹ́ odídẹrẹ́? Lọ́jọ́ Monday ó dán an wò. Ó tẹ bọ́tìnnì. Orin dákẹ́, oòrùn dúró, ewúrẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè kò sọ ọ́ kalẹ̀. Méńù jáde. Ó dára! Odídẹrẹ́ wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, kò sì mì. Ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, odídẹrẹ́ ò lọ. Ó tẹ “Tẹ̀síwájú”, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dá wáí. Kò sí ọ̀nà àbájáde ju kó pa iná ẹ̀rọ lọ, kò sì tíì tọ́jú iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ó pa á, iṣẹ́ wákàtí méjì dòfo. Ó gbé orí lé tábìlì. Ó gbé báàgì rẹ̀ jù sílẹ̀ lẹ́bàá àga, ó jáde lọ fọ ojú, ìgbà tó fi máa padà, Bọ́sẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà,” ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Kò sọ ọ́.

“Má yọ mí lẹ́nu,” ni Ṣẹ̀fíátù wí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nílé, ó dúró ti ọbẹ̀ lórí iná, ó ń fi orogùn rò ó. Mùrí ń múra àtijáde. Bí kò bá ránṣọ, rẹfirí ni lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ó ń so aago mọ́ ọwọ́ òsì, ó tún ń so òmíràn mọ́ ọwọ́ ọ̀tún.

“Ọ̀ṣọ́ wo lèyí?” ni Ṣẹ̀fíátù fi ìbínú bi í. “Èèyàn kan, aago méjì.”

“Ah-ah, ìyàwó rẹfirí látọdún wo? Èyí tọwọ́ ọ̀tún, ti eré ni. Bí ẹnìkan bá ṣubú, mo fọn fèrè, mo dá aago yẹn dúró, torí kò yẹ ká ka àsìkò tí a kò fi gbá bọ́ọ̀lù. Èyí tọwọ́ òsì kì í dúró láéláé, òun ni èmi fúnra mi ń wò. Ṣé bí bọ́ọ̀lù bá dúró, kí èmi náà wá dúró bí igi ẹ̀gẹ́? Ta ló máa wá sọ pé kí wọ́n máa gbá a lọ?”

Ṣẹ̀fíátù fi orogùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọbẹ̀. Odídẹrẹ́! Òun ti mú rẹfirí so mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Odídẹrẹ́ ń wo aago láti mọ ìgbà tó máa ju ìyẹ́. Bọ́tìnnì pàápàá ń wò ó, torí ètò kì í yẹ bọ́tìnnì wò àfi lẹ́ẹ̀kan ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan má baà di mẹ́wàá. Aago kan náà ni òun sì pa. Ó di mọ́ Mùrí tọbẹ̀-tọbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní kí ló dé, ó ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tú aago ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa lọ bó ṣe fẹ́. Ó wá dá aago eré sílẹ̀: nọ́ńbà lásán kan ni nínú ètò, tí ètò ń fi ohun tí aago ẹ̀rọ bá kà kún. Bí eré bá dúró, kò ní fi nǹkan kan kún un. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà yẹn ni yóò ti máa kà, kò ní ka àkókò ìsinmi. Oòrùn, ewúrẹ́, ọmọbìnrin, gbogbo wọn ń wo aago eré. Odídẹrẹ́ àti bọ́tìnnì ń wo aago ẹ̀rọ. Ó ní kí ètò rántí ohùn tí orin dé kó tó gbá a dànù, kó lè ti ibẹ̀ máa lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo nǹkan dúró, odídẹrẹ́ ń ju ìyẹ́ fẹ̀fẹ̀. Ó yan “Tẹ̀síwájú”. Oòrùn tẹ̀ síwájú bí ọmọlúàbí láti ibi tó wà. Ó tọ́jú rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà, síbẹ̀ ó jó.

Ọjọ́ àwọn òbí dé. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé tẹlifíṣàn sórí tábìlì gíga, Àbẹ̀ní ni wọ́n mú kó ṣe eré méjèèjì. Ti Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Eré bẹ̀rẹ̀, orin ń dùn, àwọn baálé ń na ọrùn. Lẹ́yìn náà ni Ìmáàmù àgbà wọlé, gbogbo ilé dìde. Àbẹ̀ní tẹ bọ́tìnnì, ó kúnlẹ̀. Oòrùn dúró. Ewúrẹ́ dúró. Méńù Bọ́sẹ̀ jáde, ó mọ́lẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Ìmáàmù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún àdúrà.

“Wíììììì,” ni fèrè wí.

Kò dákẹ́. Ìmáàmù ń ṣe àdúrà, fèrè ń ṣe tirẹ̀. Inú ẹ̀rọ gan-an ni ohùn náà ti ń jáde, kò sí ibi tí wọ́n ti lè yí i wálẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi ìwé bo ẹnu. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ní, “Ṣé ẹ̀rọ náà kò mọ Ọlọ́run ni?” Bàbá Fáṣínà fi ojú gún Bọ́sẹ̀ títí ọmọ náà fi sáré lọ pa iná. Lẹ́yìn àdúrà, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìmáàmù, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn baálé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìmáàmù ní kò séwu. Ṣùgbọ́n ta ni kò rí i?

Ṣẹ̀fíátù jókòó, báàgì lórí itan. Ohun tó ti ń fẹ́ láti bí oṣù mẹ́fà nìyí. Ẹ wá wo bó ṣe rí lẹ́nu: àkọ́kọ́, ó dùn. Ó dùn gan-an, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọmọ náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, bí Hàbíbá ọmọ òun ti ń ṣe.

Ti Ṣẹ̀fíátù kẹ́sẹ járí. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn baálé dìde láti sọ̀rọ̀, Àbẹ̀ní dá a dúró, ó kúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, odídẹrẹ́ nìkan ló ń ju ìyẹ́. Nígbà tó padà, ó gbé omi délé. Gbọ̀ngàn hó yèè. Bàbá Fáṣínà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un so mọ́ Ṣẹ̀fíátù lọ́rùn níwájú gbogbo ayé. Kọ́kọ́rọ́ náà tutù, ó sì wúwo.

Nígbà tí èrò tú ká, ó bá Bọ́sẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, tó ń ká wáyà. Ó jókòó tì í. Ó ṣí báàgì, ó yọ ojú-ewé tó ká sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Bọ́sẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. “Mo ti rí i, mà. Lọ́jọ́ Monday, tí ẹ lọ fọ ojú. Báàgì yín dà sílẹ̀, mo ń bá yín kó o.”

“O rí i? Kí ló dé tó ò mú un? Kí ló dé tó ò bi mí?”

“Bí mo bá bi yín, ojú á tì yín. Mo rò pé ẹ máa mú un wá fúnra yín kó tó di ọjọ́ Saturday.” Ó tẹ orí ba. “Mò ń dúró ni, mà.”

“O ò bá yọ orin kúrò! Ìlà méjì péré ni!”

“Orin yín ni, mà. Oṣù méje lẹ fi ṣe eré yẹn, Àbẹ̀ní ló sọ fún mi. Báwo ni màá ṣe yọ orin yín kúrò nínú iṣẹ́ yín?”

Áà! Ẹ̀yin ẹ̀dá, Ṣẹ̀fíátù ì bá fẹ́ kí ọmọ náà gbá òun létí. Ó dìde, ó lọ tààrà sí ọ́fíìsì Bàbá Fáṣínà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Bàbá náà ní òun kò ní sọ ọ́ síta, torí Ìyá Hàbíbá fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́. Ó sì na ọwọ́. Ṣẹ̀fíátù yọ okùn aláwọ̀ ewé lọ́rùn, ó fi lé e lọ́wọ́.

Lóru ọjọ́ náà, kò sí irin tó gún Mùrí níhà. Ó bi í léèrè, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ó ń sunkún, ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Monday, Ṣẹ̀fíátù dé iwájú yàrá náà ní kùtùkùtù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ó gbé ọwọ́ sọ́rùn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sì dúró bí àlejò nílé ara rẹ̀. Ó ti fẹ́ padà sẹ́yìn kó tó rí i pé ilẹ̀kùn ò tì. Bọ́sẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ti wá, ó sì ti lọ síbi ìtò àwọn ọmọ lórí pápá. Ó ti gbálẹ̀. Ó ti fi ojú-ewé tó já sínú ìwé ìtọ́sọ́nà, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àga Ṣẹ̀fíátù kọjú sí tẹlifíṣàn, lójú tẹlifíṣàn sì ni eré Ṣẹ̀fíátù wà. Ọmọbìnrin náà dúró pẹ̀lú ìkòkò lórí, oòrùn ò lọ, ewúrẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Odídẹrẹ́ ń ju ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Tẹ̀síwájú”, ó ń dúró dè é.

Ṣẹ̀fíátù fi ìborùn nu ojú. Ó jókòó, ó sì tẹ bọ́tìnnì.